Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Sí Olóore Láìjẹ́ Kó Dà Bí Ìpolówó Ọjà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì kì í yé bi mí: kí ni ká kọ sí ẹni tó fún ẹgbẹ́ wa lówó, tí yóò fi rí i pé owó òun ṣiṣẹ́, tí kò sì ní máa rò pé òmíràn la tún ń fọgbọ́n tọrọ? Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ sọ ohun tí olóore náà lè fi ojú ara rẹ̀ wá wò, ẹ sọ ọ́ bó ṣe mọ, kí ẹ má sì tọrọ ohunkóhun nínú lẹ́tà náà. Bí a ó ṣe ṣe é gan-an ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ gba ₦900,000 lọ́wọ́ ọmọ ìlú kan tó ń gbé ní Èkó, kí wọ́n fi kọ́ ààrò ìyanja mẹ́ta. Ààrò oníbúlọ́ọ̀kù ni, irú èyí tí wọ́n ń lò ní etíkun Gánà, tí a máa ń to àtẹ onírin lé ara wọn lórí rẹ̀, tí èéfín kò fi ní ráyè fọ́n ká. Èmi ni mo ṣẹ̀dá ẹgbẹ́ náà àti iye owó rẹ̀ fún àlàyé, ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílùú tí ọjà ẹja Olúwo wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń ṣìnà

Ẹ kọ́kọ́ ka èyí, nítorí pé irú rẹ̀ ni mo máa ń rí jù:

"Ẹ̀yin baba aláàánú, igi lẹ́yìn ọgbà àwọn aláìní, ẹ ti yí ìgbésí ayé gbogbo obìnrin Ẹ̀pẹ́ padà pátápátá. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ebi ì bá ti pa wá. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn ní agbègbè yìí tó lè lo owó yín dáadáa bíi tiwa. Olúwa yóò bù sí àpò yín, kí ẹ lè tún ṣe jù báyìí lọ."

Kò sí irọ́ gidi nínú èrò ọkàn ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ tí olóore lè wá wò. Obìnrin méjìlélógún ló ń lo ààrò náà, kì í ṣe gbogbo obìnrin Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ ebi náà tún bu àwọn obìnrin yìí kù, torí pé ẹja yíyan ni wọ́n fi tọ́ ọmọ dàgbà kí owó tó dé. Gbólóhùn kẹta ti kúrò lórí ọpẹ́, ẹgbẹ́ ló ń polówó ara rẹ̀. Ní ti àdúrà ìparí, ẹ wo ibi tó forí lé: àpò olóore, àti ohun tí yóò tún ti inú rẹ̀ jáde.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé "yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn." Ẹni tó fún yín lówó náà mọ òwe yìí. Nígbà tí ó bá ti rí ìyìn tó ń gorí ìyìn, ó ti ń retí "òmíràn" náà ní ìsàlẹ̀ ìwé, yálà ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ tàbí ẹ kò kọ ọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìyìn la ó fi kún lẹ́tà kó tó dára. Ìyìn la ó dín kù, tí a ó sì fi ohun tí ojú rí rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún

1. Ẹ kọ bí nǹkan ṣe rí sílẹ̀ kí owó tó ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò, bí ẹ bá sì ti fò ó, kò sí ẹwà ọ̀rọ̀ tó lè dí àlàfo rẹ̀. Ẹ kò lè sọ pé nǹkan dín kù tàbí pé ó pọ̀ sí i bí ẹ kò bá mọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó ṣeé kà, tí kò sì ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, iye ìdì igi tí wọ́n fi ń yan agbọ̀n ẹja kan ni wọ́n mú. Obìnrin mẹ́fà ló gbà láti máa fa ìlà sínú ìwé kékeré kan: ìlà kan fún ìdì igi kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tí wọ́n ṣì ń yan ẹja lórí àgbá. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè fa ìlà. Nígbà tí ààrò tuntun dé, àwọn mẹ́fà kan náà tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, pẹ̀lú agbọ̀n kan náà. Agbọ̀n yẹn ṣe pàtàkì o. Bí agbọ̀n ìṣáájú bá tóbi ju ti ìkẹyìn lọ, ìwé yín kò wúlò mọ́.

Bí owó bá ti dé tí iṣẹ́ sì ti parí kí ẹ tó ka ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n ṣẹ̀dá iye àtijọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: "Gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin náà ṣe rántí rẹ̀, nǹkan bí ìdì igi márùn-ún ni agbọ̀n kan ń gbà tẹ́lẹ̀." Ìrántí kò lágbára tó àkọsílẹ̀, àmọ́ olóore kò ní bínú sí i bí ẹ bá pè é ní ìrántí.

2. Láàárín ọjọ́ méjì tí owó bá wọlé, ẹ jẹ́ kí olóore mọ̀ pé ó dé.

Èyí kì í ṣe lẹ́tà ìdúpẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú lórí Wásáàpù tó. Ẹ sọ iye tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé àti ohun tí ẹ ó fi ṣe, kí ẹ tó fi rìsíìtì ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e:

"Ẹ káàsán, sà. ₦900,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ààrò ìyanja ti wọ àpò ẹgbẹ́ lónìí, ọjọ́ 8, oṣù Kìíní. Ẹ ṣeun púpọ̀. A ó kọ̀wé sí yín nígbà tí ààrò náà bá ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹni tó fowó ránṣẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, lẹ́tà tó dára jù lọ kò sì ní tètè mú ìbéèrè náà kúrò lọ́kàn rẹ̀.

3. Ẹ dúró títí iṣẹ́ náà yóò fi wà ní lílò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo máa ń dá lábàá. Bí ẹ bá yára kọ̀wé ní ọjọ́ tí bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, búlọ́ọ̀kù nìkan ni ẹ lè ròyìn. Bí ẹ bá sì dúró di ọdún tó ń bọ̀, kò sí bí lẹ́tà náà kò ṣe ní dà bí ìgbà tí ẹ rántí olóore torí pé ẹ tún nílò nǹkan.

4. Ẹ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ kí ẹ tó kọ gbólóhùn kankan.

Ẹ fa ìlà sí ìwé òfìfo, kí ó pín sí mẹ́ta:

- Ohun tí owó rà: ààrò mẹ́ta àti àtẹ 30.
- Bí wọ́n ṣe ń lò ó: obìnrin 22, ní àyípo.
- Ohun tó yí padà: ìdì igi tí agbọ̀n kan ń gbà dín láti márùn-ún sí mẹ́ta.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí á kọ ìpín àkọ́kọ́ kí á sì pè é ní ìpín kẹta. Ààrò mẹ́ta kì í ṣe àyípadà. Mo ti rí ààrò tí wọ́n kọ́ sí ibi tí kò sí ìbòjì, tí adìyẹ ń sùn nínú rẹ̀.

Ìpín kẹta ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èrè àwọn obìnrin náà lé sí i ní oṣù Kejì, ṣùgbọ́n ẹja wọ́n lọ́jà ní oṣù kan náà. Ó máa ń wu akọ̀wé láti kọ ọ́ pé "ààrò yín ti mú kí èrè wa pọ̀ sí i." Ẹ má ṣe kọ ọ́. Ọ̀wọ́n ẹja ló gbé owó sókè. Igi tí wọ́n ń dá ni ààrò dín kù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ dúró sí. Bí olóore bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó ní àbúrò tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó ń tajà ní Olúwo, tí yóò sọ fún un iye tí ẹja ń lọ. Bí ohun kan bá wọ́ nínú lẹ́tà yín, yóò máa ṣiyèméjì sí ìyókù tó jẹ́ òtítọ́.

5. Ẹ wá kọ lẹ́tà náà, kí ó má ju ojú ewé kan lọ.

Báyìí ni ti ẹgbẹ́ inú àpẹẹrẹ wa yóò ṣe rí:

> Ọjọ́ 23, oṣù Kẹta
>
> Alhaji wa ọ̀wọ́n,
>
> Ẹ ṣeun fún ₦900,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, fún kíkọ́ ààrò ìyanja. Ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 2, oṣù Kejì, lẹ́yìn ilé ìpàdé ẹgbẹ́. Obìnrin 22 ló ń lò wọ́n ní àyípo.
>
> Kí ààrò yìí tó dé, àwọn mẹ́fà nínú wa ń ṣe àkọsílẹ̀ igi tí wọ́n ń dá. Ìdì márùn-ún ni agbọ̀n ẹja kan ń gbà lórí àgbá. Ìdì mẹ́ta ló ń gbà báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, tó gbà kí a sọ ọ̀rọ̀ òun fún yín, ní àtẹ márùn-ún ni òun ń tò lé ara wọn, tí òun bá sì ti gbé ti ìsàlẹ̀ sókè, tí òun gbé tòkè sí ìsàlẹ̀, òun lè kúrò nídìí iná lọ gbọ́ oúnjẹ alẹ́. Igi gbígbẹ la fi ṣe gbogbo èyí. A kò tíì lò ó lásìkò òjò, nígbà tí igi máa ń tutù.
>
> Ààrò mẹ́ta gba ₦720,000, àtẹ 30 gba ₦135,000, ₦45,000 sì wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ru búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn, ìdílé kan ládùúgbò ló sì yọ̀ǹda ilẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, a ó fi ₦45,000 náà ra àtẹ mẹ́wàá tí a ó tọ́jú, kí a lè máa fi pààrọ̀ èyí tó bá jó. Bí ẹ bá fẹ́ kí a fi ṣe nǹkan mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa.
>
> Nígbàkígbà tí ẹ bá wá sílé, ẹ lè yà wò ó láìsọ fún wa tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán ni iná sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.
>
> A dúpẹ́ púpọ̀. Ọlọ́run yóò san yín lóore.
>
> Alága àti Akọ̀wé

Ẹ kíyè sí i pé ọpẹ́ ti jáde ní gbólóhùn àkọ́kọ́, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́. Ẹ kíyè sí àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù àti àwọn tó yọ̀ǹda ilẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí a bá dárúkọ ìsapá ẹlòmíràn, ọlá olóore yóò dín kù. Èmi rò pé òdìkejì rẹ̀ ni: ẹni tó mọ̀ pé àwọn obìnrin ru iyanrìn fúnra wọn mọ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kí ààrò náà bàjẹ́. Ìpè láti wá wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tí ìyìn kò lè ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóore náà lè má wá láéláé.

Àdúrà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ àpò. Mo mọ̀ pé lẹ́tà Yorùbá tí kò ní àdúrà kò pé, àmọ́ gbólóhùn kan tó, kí ó sì jẹ́ èyí tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè ṣe "àmín" sí, bí ẹ kò bá mọ ẹ̀sìn olóore dájú.

Bí a ṣe ń sọ ohun tó kù láìtọrọ

Ibí yìí ló le jù. Òtítọ́ ni pé ààrò mẹ́ta kò tó obìnrin 22, olóore tó bá lọ́gbọ́n yóò sì fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìròyìn àti ẹ̀bẹ̀ ni pé ìròyìn máa ń sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe sí ìṣòro náà. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn:

- Ẹ̀bẹ̀: "Ààrò mẹ́ta yìí kò tó wa rárá. À bá dúpẹ́ tí a bá lè rí méjì sí i."
- Ìròyìn: "Ní ọjọ́ tí ẹja bá wọlé púpọ̀, ààrò kì í kárí, nítorí náà a ti ṣètò pé kí àwọn kan máa yan tiwọn ní àárọ̀."

Ìkejì kò fi nǹkan pa mọ́, kò sì na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá tíì ṣe nǹkan kan sí ohun tó kù, tí ẹ kò sì ní ètò kankan, ẹ fi í sílẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà ìdúpẹ́. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì lo ìwé tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sí lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan kò tilẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀.

Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. "Ògiri ààrò kejì sán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bíríkìlà ti rẹ́ ẹ láìgba owó, ó sì ti ń ṣiṣẹ́" tó. Kò nílò ẹ̀bẹ̀ gígùn.

Orúkọ, fọ́tò àti ọpẹ́ ní gbangba

Ẹ gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu obìnrin tí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un ẹni tí yóò rí i. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 2023, ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Fọ́tò tí ọwọ́ ń to ẹja sórí àtẹ sọ̀rọ̀ ju fọ́tò tí gbogbo ẹgbẹ́ ti tò sídìí pátákó lọ. Ẹ má sì wá ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbó jù láti yà.

Ní Ẹ̀pẹ́, ìdánwò ńlá ni àsìkò ọdún Káyòkáyò, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú máa ń wálé. Ẹgbẹ́ yóò fẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí wọ́n dárúkọ olóore lójú agbo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn kan kò fẹ́ kí ẹbí mọ iye tí wọ́n fi sílẹ̀, nítorí ohun tí yóò tẹ̀ lé e nílé. Yàtọ̀ sí èyí, ọpẹ́ tí a bá dú lójú agbo kì í pẹ́ di ìkówójọ: olóore á dìde, á sì tún ná owó tí kò ní lọ́kàn láti ná. Bí ó bá gbà pé kí ẹ dárúkọ òun, ẹ sọ iṣẹ́ tó ṣe, ẹ fi iye owó sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni onígbọ̀wọ́ yín

Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà púpọ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń nílò ẹ̀rí pé ẹ ṣe ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn, bíi pé ẹ gbé àmì wọn sára pátákó. Ẹ fi fọ́tò pátákó náà àti ìṣirò owó sí ìwé ọ̀tọ̀, kí lẹ́tà má baà di ìwé ìnáwó. Ẹ dúpẹ́ fún owó tàbí ohun èlò tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ má ṣe yin ọjà tí wọ́n ń tà. Ìyẹn ni ó ń sọ lẹ́tà ẹgbẹ́ di ìpolówó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín kò sì rán yín ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́

- Ṣé orúkọ àti oyè olóore pé bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́?
- Ṣé iye owó àti ọjọ́ bá rìsíìtì mu?
- Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí àlejò lè wá wò fúnra rẹ̀. Ṣé wọ́n ju ìdajì lẹ́tà lọ?
- Ẹ wá "gbogbo", "pátápátá", "jù lọ" àti "ẹ̀yin nìkan". Èwo nínú wọn ni ẹ lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn?
- Ẹ kà á sókè fún ẹni tó ń lo nǹkan náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan ẹja ni. Bí ó bá ní "kò rí bẹ́ẹ̀", ẹ tún un kọ.

Bí olóore bá fèsì

Bí ó bá kọ̀wé padà pé "kí ló tún kù?", ẹ kò tọrọ, òun ló béèrè. Síbẹ̀, ẹ má ṣe dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ẹ sọ pé ẹ ó bá ẹgbẹ́ sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìwé ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, tí yóò sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, iye tí yóò ná yín àti ìpín tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yóò gbé. Bí kò bá sì fèsì rárá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù nípa iye ìdì tí igi tútù gbà, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, nítorí pé ẹ ti sọ fún un pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.